Láti Ojú Omi Inú Táǹkì dé Ẹnu Ẹ̀rọ: Níbo ni Agbára Omi Ń Gbà Lọ?

Àwọn tó rí orúkọ mi nínú ìwé àwọn tó ń pẹ́ dé àsẹ́ńbílì ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, ẹ má bínú, omi ló fà á. Ọ̀rọ̀ omi ọ̀hún náà ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ Físíìsì wa lọ́tẹ̀ yìí.

Ilé tí à ń gbé níbí ní Ọ̀tan Ayégbajú wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ìdílé mẹ́rin la jọ ń gbé ibẹ̀. Táǹkì oníke dúdú kan tó ń gba nǹkan bíi lítà 1000 wà lórí bulọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé. Páìpù ìdajì ínṣì ló ti ìdí táǹkì náà wá, ó yí ilé ká, ó sì parí sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo níwájú ilé. Láràárọ̀, kẹ́ẹ̀gì 14 ló máa ń tò síbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 kan ń gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó kún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ìṣẹ́jú 21 ni. Nítorí pé èmi ni mo kéré jù nínú àwa tí à ń pọnmi, èmi náà ni mo máa ń pọn gbẹ̀yìn.

Bàbá lánlọ́ọ̀dù wa ní òun máa fi bulọ́ọ̀kù gbé táǹkì náà ga sí i ní mítà kan, kí omi lè máa sáré. Bọ̀dá púlọ́mbà ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó yẹ ká ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ Físíìsì wa kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò agbára omi tó ń ṣàn. Mo wá rò ó pé kí n ṣírò tiwa kí wọ́n tó lọ ra bulọ́ọ̀kù.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ni pé ká fojú inú tẹ̀lé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo láti ibi tó ti gbéra títí dé ibi tó ti jáde. Ọ̀nà tí ẹ̀kán omi yẹn rìn la ń pè ní ìlà ìṣàn. Bó ti ń lọ lórí ìlà ìṣàn rẹ̀, oríṣi agbára mẹ́ta ló ń gbé kiri: èyí tó ní nítorí pé ó wà lókè, èyí tó ní nítorí pé ó ń sáré, àti èyí tó wá láti ara ìfúnpá omi tó yí i ká. Bí nǹkan kan ò bá jí nínú agbára yìí lójú ọ̀nà, àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní yí padà:

```
p1 + ½ρv1² + ρgz1 = p2 + ½ρv2² + ρgz2
```

p ni ìfúnpá, v ni ìyára, z ni gíga. ρ ni bí mítà kúbíìkì omi kan ṣe wúwo tó, ìyẹn kílò 1000. A máa ń fi 10 ṣe g ní kíláàsì, èmi náà á sì lò ó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Daniel Bernoulli ni wọ́n fi ń pe ìṣirò yìí, nítorí ìwé Hydrodynamica tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1738.

Níbi tí a ti máa ń ṣìnà ni bí a ṣe ń yan ibi méjì tí a máa fi wéra. Ibi kìíní tí mo yàn ni ojú omi nínú táǹkì, kì í ṣe ìdí táǹkì. Ibi kejì ni ìta gbangba ní ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí omi ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí tí mo fi yan ojú omi ni pé mo mọ gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà p1 jẹ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ìyára rẹ̀ kò tó nǹkan: bí kẹ́ẹ̀gì kan bá kún, sẹ́ǹtímítà méjì ààbọ̀ péré ni ojú omi táǹkì wa ń lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó bá fi òdo ṣe v1 kò jẹ̀bi rárá. Ní ẹnu ẹ̀rọ náà, afẹ́fẹ́ kan náà ló yí omi tó ń jáde ká, p2 náà sì jẹ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ìfúnpá méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù ni pé gíga di ìyára:

```
v = √(2gh)
```

h ni gíga ojú omi sí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ má ti ilẹ̀ tí táǹkì dúró sí wọn ọ́n o. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa, ẹnu ẹ̀rọ wa níwájú ilé sì rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ, ìdí nìyẹn tí h fi ju bó ṣe rí lójú lọ.

Nínú kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi kan ta kò mí. Ó ní wọ́n ti kọ́ wa pé bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ nínú omi ni ìfúnpá ń pọ̀ sí i ní ρgh, kí ló dé tí mi ò fi ρgh kún p2? Mo ní kó fi kún un ká wò ó. Nígbà tó ṣe é tán, v di òdo. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí olùkọ́ wa ní kò sí irọ́ nínú ìṣirò yẹn, pé ẹ̀rọ tí a tì pa ló ṣírò. Bí ẹ̀rọ bá wà ní títì, omi kò sáré, gbogbo agbára gíga rẹ̀ ti di ìfúnpá tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ látinú. Bí a bá ṣí i, ìfúnpá yẹn á tú sílẹ̀, á di eré. Kò lè jẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó lọ bá táǹkì lánlọ́ọ̀dù, mo kọ́kọ́ dán an wò lára ike ọ̀dà. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lára, ihò náà sì rí játijàti, omi ń ta kiri. Mo gbé ike mìíràn lọ sọ́dọ̀ kápíńtà, ó fi dírílì lu ihò tó mọ́ tónítóní, mìlímítà 6 ní fífẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì, ihò náà ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ́ǹtímítà 80. Mo pọn omi sí i títí tó fi ga ju ihò lọ ní sẹ́ǹtímítà 20, àbúrò mi sì ń fi kọ́ọ̀bù bù ú kún un kó má bàa lọ sílẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí pé ìṣirò yìí kò wà fún omi tí gíga rẹ̀ ń yí padà, àyàfi tí ó bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò ní kí omi jáde ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi tó bá já bọ́ láti gíga sẹ́ǹtímítà 80 máa lo ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó kanlẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó balẹ̀ ní sẹ́ǹtímítà 80 sí ìdí ike. Sẹ́ǹtímítà 78 ló balẹ̀ sí. Inú mi dùn dé ibi pé mo sá lọ pe Màmá mi wá wò ó. Wọ́n ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa nu ilẹ̀?"

Àmọ́ nígbà tí mo gbé ife lítà kan sábẹ́ omi náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí mo bá fi ìyára yẹn kọ́ fífẹ̀ ihò, lítà kan yẹ kó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 18. Ìṣẹ́jú àáyá 29 ló gbà. Báwo ni omi ṣe ń sáré dáadáa tí kò sì pọ̀ tó? Mo tẹjú mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́. Omi tó ń jáde náà kéré ju ihò lọ! Kété tó kúrò lára ike ni ọ̀run rẹ̀ fún, ihò jẹ́ mìlímítà 6, ṣùgbọ́n omi kò tó mìlímítà 5. Ìdí ni pé kì í ṣe iwájú nìkan ni omi ti ń wá sí ihò, ó ń ti òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rọ́ wá. Èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ kò lè ṣẹ́ kọ́nà gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣì ń sún mọ́ àárín nígbà tó ti jáde. Fún ihò tí etí rẹ̀ mú, omi tó jáde máa ń jẹ́ nǹkan bíi ìdá 62 nínú 100 fífẹ̀ ihò. Bí ẹnu ihò bá rọra tẹ̀ wá síta bí ọrùn akèrègbè, omi á ti tò kó tó jáde, kò sì ní fún mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu páìpù àwọn panápaná kó máa tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀.

Torricelli, ọmọ ẹ̀yìn Galileo, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1644 pé ìyára omi tó ń ti ihò jáde bá ti nǹkan tó já bọ́ láti gíga ojú omi mu. Òótọ́ ló sọ nípa ìyára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye omi ló gbọ́dọ̀ tún wo bí omi ṣe fún.

Ó wá ku táǹkì. Mo fi okùn ìwọ̀n kápíńtà wọ̀n ọ́n: bí táǹkì bá kún, ojú omi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ní mítà 3.2. Ìlọ́po méjì 10 àti 3.2 jẹ́ 64, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 8. Ìyẹn ni pé ó yẹ kí omi máa jáde ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú páìpù wa fẹ̀ tó mìlímítà 15. Pẹ̀lú eré yẹn, kẹ́ẹ̀gì yẹ kó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 14. Ẹ sì rántí pé 90 ló ń gbà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tó fún mọ́. Kò sí bí omi ṣe lè fún tó fi máa yọ ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Mo bá yí ìṣirò padà. Dípò kí n bẹ̀rẹ̀ láti gíga, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kẹ́ẹ̀gì. Lítà 20 nínú ìṣẹ́jú àáyá 90, láti inú páìpù mìlímítà 15, jẹ́ mítà 1.26 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gíga tó lè fún omi ní irú eré bẹ́ẹ̀ ni v² tí a fi 2g pín, ìyẹn sẹ́ǹtímítà 8. Sẹ́ǹtímítà 8 péré! Nínú mítà 3.2 tí a gbé omi gùn, sẹ́ǹtímítà 8 ló dé ẹnu ẹ̀rọ ní eré. Mítà 3.12 yòókù ti parẹ́ sójú ọ̀nà.

Ibi tí ìṣirò Bernoulli parí sí nìyí. Ó sọ pé nǹkan kan kò jí nínú agbára lójú ọ̀nà. Nínú ike, omi kò rìn ju fífẹ̀ ike lọ, olè kò ráyè. Nínú ilé wa, mítà 18 ni páìpù náà gùn, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 15, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1200 fífẹ̀ rẹ̀. Omi tó kan ara páìpù kò fẹ́ẹ́ rìn rárá, ó ń fa èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, ìyẹn náà ń fa èyí tó wà láàárín. Omi ń yí po, ó ń dà rú, ó sì ń ṣẹ́ kọ́nà mẹ́rin. Agbára yẹn di ooru. Ẹ má lọ fọwọ́ kan omi o, mo ti ṣírò rẹ̀: kò tó ìdá kan nínú 100 dìgírì kan. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n lára. Ìṣirò tó bá ilé wa mu ni èyí tó fàyè sílẹ̀ fún ohun tó sọnù:

```
h = v²/2g + hL
```

hL ni gíga tí páìpù, kọ́nà àti ẹ̀rọ jẹ. Ohun méjì ló yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, hL á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìkejì sì ni pé bí iye omi kan náà bá ń gba inú páìpù tó fẹ̀ jù, hL máa ń já wálẹ̀ gan-an: láti mìlímítà 15 sí mìlímítà 25, ohun tí páìpù ń jẹ á dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 13.

Pẹ̀lú èyí, mo lè dá Bàbá lánlọ́ọ̀dù lóhùn. Bí a bá gbé táǹkì ga ní mítà kan, h di 4.2. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ń sọnù ń tẹ̀ lé v², ìyára á pọ̀ sí i ní gbòǹgbò 4.2 tí a fi 3.2 pín, ìyẹn 1.15. Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 90 á wá máa gba 79. Bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú àáyá 11. Páìpù tó tóbi ló yẹ ká fowó rà.

Kí n tó lọ sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kì í ṣe nǹkan mìíràn ló ń dí omi wa lọ́wọ́. Mo ti sọ pé p1 jẹ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọ táǹkì ńkọ́? Ẹnì kan nínú ilé wa ti fi ọ̀rá di orí táǹkì pinpin nítorí alángbá. Bí omi bá ń lọ tí afẹ́fẹ́ kò rọ́pò rẹ̀, p1 á lọ sílẹ̀ ju p2 lọ, wọn kò ní pa ara wọn rẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ òde á sì máa ti omi padà. Ẹ lu ihò sídìí ike omi mímu kan, kí ẹ wá dé e pinpin, ẹ ó rí i pé omi á dúró. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n lára táǹkì ni pé ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sáré, á wá máa rẹ̀ sílẹ̀ láàárín kẹ́ẹ̀gì kan náà, ara táǹkì á sì máa wọ inú. Tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gun òkè lọ tú ọ̀rá náà (Màmá mi kò gbọ́dọ̀ ka ibí yìí), mo tún wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú àáyá 90 náà ni. Alángbá kọ́ ló jẹ̀bi, ọ̀rá náà kò sì jẹ̀bi. Mo fi àwọ̀n rọ́pò rẹ̀.

Mo kọ ìṣirò náà sínú ìwé, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ṣe púlọ́mbà rí ni?" Mo ní rárá, sà. Bọ̀dá púlọ́mbà ló gbè mí lẹ́yìn níkẹyìn. Ó ní òun náà ti ṣàkíyèsí pé ilé tí wọ́n bá fi páìpù ínṣì kan ṣe, omi wọn máa ń le, òun kàn gbà pé táǹkì wọn ló ga jù ni.

Wọ́n pààrọ̀ páìpù náà sí ínṣì kan ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo ti ṣe òmùgọ̀ díẹ̀, mo ti sọ fún gbogbo ilé pé kẹ́ẹ̀gì á máa kún ní ìṣẹ́jú àáyá 25. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ló gbà. Inú àwọn èèyàn dùn, torí pé ìdajì àkókò ti kúrò, ṣùgbọ́n inú tèmi kò dùn. Níbo ni ogún ìṣẹ́jú àáyá yòókù wà?

Mo bẹ Bọ̀dá púlọ́mbà kó tú orí ẹ̀rọ náà kúrò, kí omi máa ti ẹnu páìpù jáde ní tààrà. Kẹ́ẹ̀gì kún ní 24. Ó wá yé mi. Páìpù nìkan la pààrọ̀, ẹ̀rọ ìdajì ínṣì ti tẹ́lẹ̀ náà la dá padà sí i lẹ́nu. Omi ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀rọ yẹn kó tó jáde, ó sì ń gba ibi tóóró kọjá. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ kò hàn, nítorí páìpù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí páìpù dẹ́kun, ẹ̀rọ gba ipò rẹ̀. Nínú ìṣirò mi, mo ti ṣe bí ẹni pé gbogbo ọ̀nà náà ni a fẹ̀.

Ohun kan tún kù fún ẹni tó bá fẹ́ wọn ti ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kọ gíga ojú omi sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò. Lára tiwa, bí táǹkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mítà 2 ló kù nínú mítà 3.2. Kẹ́ẹ̀gì tó gba 90 ní àárọ̀ pẹ̀lú páìpù àtijọ́ á gba bíi 114 ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹni tó bá wọn ti àárọ̀ kó tó pààrọ̀ páìpù, tó sì wọn ti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, á rò pé òun ti ba owó jẹ́.

Ní báyìí kẹ́ẹ̀gì 14 ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ààbọ̀. Bàbá lánlọ́ọ̀dù ní àwọn á ra ẹ̀rọ ínṣì kan tí owó bá dé. Ẹ̀rọ ìdajì ínṣì náà ló ṣì wà níbẹ̀.